Bí mo ṣe da 140 dọ́là nù nígbà tí mo lo ẹ̀tọ́ ìrà mi dípò kí n tà á

Àkànní: Mo ra ẹ̀tọ́ ìrà kan ní 600 dọ́là. Ẹ̀tọ́ náà fún mi láyè láti ra ọgọ́rùn-ún ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní 50 dọ́là ẹyọ kan. Nígbà tí ìpín náà gòkè dé 58 dọ́là, tí ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ̀tọ́ náà parí, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, mo bá ní kí alágbàtà mi lò ó. Mo san 5,000, mo gba ìpín, mo tà á ní 5,800, inú mi sì ń dùn pé mo jèrè 200 dọ́là. Ìgbà tí mo padà wo àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i pé àwọn olùrà ń pe ẹ̀tọ́ náà fúnra rẹ̀ ní 9.40 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 940 dọ́là. Ká ní mo tà á ni, 340 ni èrè mi ì bá jẹ́. Kò sẹ́ni tó jà mí lólè, èmi ni mo fọwọ́ ara mi da 140 nù.

Arákùnrin Oníṣirò: Owó àkókò ni ẹ dà nù yẹn. Nínú 9.40 náà, 8 dọ́là ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín 58 àti 50, òun nìkan sì ni ẹni tó bá lo ẹ̀tọ́ máa ń rí gbà. 1.40 tó kù ni ohun tí ẹlòmíràn ṣe tán láti san nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣì wà níwájú, torí ìpín náà lè tún gòkè, bí ó bá sì já wálẹ̀, ohun tí ó fi ra ẹ̀tọ́ náà ni ó pọ̀ jù tí ó lè pàdánù. Ẹni tó ta ẹ̀tọ́ fún yín níbẹ̀rẹ̀ tàbí ẹni tó bá wà ní ipò rẹ̀ ni ó jẹ àǹfààní owó náà. Kódà bó jẹ́ pé ìpín náà ni ẹ fẹ́ ní lọ́wọ́, ẹ ì bá ta ẹ̀tọ́ ní 940, kí ẹ fi 4,860 kún un, kí ẹ sì ra ìpín lọ́jà ní 5,800.

Dàmọ́lá: Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lo ẹ̀tọ́ ìrà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, láéláé.

Arákùnrin Oníṣirò: Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà, Dàmọ́lá, àmọ́ «láéláé» ti pọ̀ jù. Ìgbà kan wà tí ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ pín 1.20 dọ́là lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, tí owó àkókò tó kù nínú ẹ̀tọ́ ọwọ́ mi kò sì ju 0.30 lọ. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ kì í gba owó tí ilé-iṣẹ́ bá pín, ìpín sì sábà máa ń wálẹ̀ tó iye náà ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kò ní gba owó náà mọ́. Mo lo ẹ̀tọ́ mi lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo sì fi 0.30 gba 1.20. Bí mo bá fi ọjọ́ kan péré falẹ̀, ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá Fọlá: Ẹ jọ̀wọ́, ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ló fún mi ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbí ni pé kí n wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ mi, àbí?

Arákùnrin Oníṣirò: Rárá, Mà. Irú tiyín yẹn kì í sábà ṣeé tà fún ẹlòmíràn. Kí ẹ lò ó nísinsìnyí tàbí kí ẹ dúró ni ọ̀nà méjì tó wà, ìdúró ló sì ń pa owó àkókò mọ́ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn yín, kí ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti lò ó bí ẹ bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí ọjọ́ náà lè kéré gan-an.

Gbénró: Tèmi yàtọ̀. Ọgọ́rùn-ún ìpín ni ẹ̀tọ́ mi náà wà fún, 30 dọ́là ni iye ìrà tó wà nínú rẹ̀, ìpín wà ní 58, síbẹ̀ 27.60 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó ń pè é ga jù pè. 28 ni mo lè rí bí mo bá lò ó. Ṣé kí n gba ìyà 40 dọ́là ni?

Dàmọ́lá: Ẹ fi 27.95 lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí ẹ ó gbà, kí ẹ sì mú sùúrù. Iye tí ẹ rí lójú kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Gbénró: Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Arákùnrin Oníṣirò: Èmi yóò lò ó, bí owó tí alágbàtà yóò gbà fún lílò náà bá kéré sí 40, tí ẹ sì ní 3,000 lọ́wọ́. Àmọ́ bí ìpín náà bá já wálẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ lo ẹ̀tọ́ àti ìgbà tí ẹ tà á, 40 yẹn lè lọ ní wàràwàrà.

Àkànní: Alágbàtà tèmi kò tilẹ̀ sọ iye tí yóò gbà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo lò ó ni mo tó rí i.