Abala kan, àmì méjì: ìlà mélòó nínú rẹ́jísítà?

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé àdéhùn ogójì ni mo ń tò sínú rẹ́jísítà, ìlà kan fún abala kan, pẹ̀lú òpó fún àṣírí, àìgbọdọ̀-bá-wa-díje àti ohun-ìní ọpọlọ. Abala 9 àdéhùn ayàwòrán kan ló dá mi dúró. Àṣírí ni àkọlé rẹ̀, ọdún 5, ṣùgbọ́n 9.2 ní kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn fún oṣù 12. Mo wá `compete`, kò jáde, torí ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Mo fi àmì méjì sí ìlà kan, òpó ọjọ́ ìparí sì gba ẹyọ kan péré. Ọdún 5 ló ń hàn fún méjèèjì.

Ṣé kí n pín in sí 9.1 àti 9.2 ni, àbí kí àmì kọ̀ọ̀kan ní òpó ọjọ́ tirẹ̀? Bí mo bá pín in, kí ni mo lè fi so wọ́n pọ̀, kí àtúnṣe abala 9 má baà fo ọ̀kan?