Owó ìtọ́jú ọmọ àti gbèsè alájẹṣẹ́kù: èwo ni ká kọ́kọ́ yọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣírò owó oṣù, ẹ jọ̀ọ́. Ilé-ẹjọ́ ní ká máa yọ ₦40,000 lóṣù fún ìtọ́jú ọmọ òṣìṣẹ́ wa kan ní Ṣágámù, ṣùgbọ́n ₦75,000 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, ₦133,000 ló máa ń kù. ₦15,000 gbèsè alájẹṣẹ́kù náà ń jáde níbẹ̀, kò sí wàhálà. Lóṣù yìí ó pa iṣẹ́ jẹ, ₦98,000 ló kù. Mo yọ ti alájẹṣẹ́kù ṣáájú, ₦8,000 péré ló kan ọmọ. Mo fi tọmọ ṣáájú, ó di ₦23,000, alájẹṣẹ́kù ò rí kọ́bọ̀. Èyí ló tọ́ lójú mi, torí òun fúnra rẹ̀ ló tọrùn bọ gbèsè, àmọ́ ìwé àṣẹ ò sọ ọ́. Ṣé gbèsè yẹn wà lára ohun tá a gbọ́dọ̀ yọ ká tó wo ₦75,000? ₦17,000 tí tọmọ fi dín ńkọ́, ṣé a lè máa fi ₦3,000 tó máa ń ṣẹ́kù lóṣooṣù dí i, àbí ká kọ́kọ́ padà sí kóòtù?