Dígóksíìnì pẹ̀lú Lásìkísì, ọkàn ń lù ní 52: kí ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbònà

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà mi. Ìbéèrè kan nínú àwọn tí a fi ń múra ìdánwò Kánsù ló ń dà mí láàmú láti alẹ́ àná. Bó ṣe wà nìyí:

Bàbá ẹni 70 ọdún kan tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ ń lo dígóksíìnì 0.25 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó sì ń lo fúrósémáìdì, ìyẹn Lásìkísì, 40 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ yìí ó ní èébì ń gbé òun, oúnjẹ kò wù òun láti ọjọ́ méjì, bí òun bá sì wo iná, àwọ̀ òféèfèé bí ẹyin adìyẹ máa ń yí i ká. Nọ́ọ̀sì fi sítẹ́tósíkóòpù gbọ́ ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó lù ní 52. Pòtásíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.9. Àkókò dígóksíìnì òwúrọ̀ ti tó. Kí ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe?

A. Kó fún un ní dígóksíìnì pẹ̀lú oúnjẹ kí èébì lè rọlẹ̀.
B. Kó dá dígóksíìnì dúró, kó sì pe dókítà.
D. Kó tún ka bí ọkàn ṣe ń lù.
E. Kó fa pòtásíọ̀mù sínú sírínjì, kó fún un sínú iṣan.

D ni mo mú, torí wọ́n kọ́ wa pé àyẹ̀wò ló ń ṣáájú. Ọ̀rẹ́ mi mú E, ó ní pòtásíọ̀mù ló lọ sílẹ̀. Ìwé ìdáhùn ní B. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ò rí?

Bọ̀dá Ọláìyá

B ni, kò sí àríyànjiyàn. Bí ọkàn àgbàlagbà bá ń lù kò tó 60, má fún un ní dígóksíìnì. Ẹ kọ́ 60 yẹn sórí, ẹ ti yè é nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àsùbíàrò

Àbúrò, ẹ̀kọ́ tí o dì mú kò burú, ibi tí o lò ó sí ló ṣìnà. Àyẹ̀wò máa ń ṣáájú nígbà tí ìbéèrè kò bá tíì fún wa ní ohun tí a ó fi pinnu. Eléyìí ti fún wa. Wọ́n ti gbọ́ ọkàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe ìdajì ìṣẹ́jú tí wọ́n sọ di méjì. Èsì pòtásíọ̀mù ti dé. Bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe é. Bí a bá tún padà lọ kà á, oògùn ṣì wà lọ́wọ́ wa, dókítà kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan.

Wò ó báyìí. Bí wọ́n bá ní bàbá ń lo dígóksíìnì, àkókò oògùn tó, tí wọn kò sì sọ iye tí ọkàn ń lù, kíka ọkàn ni ìdáhùn. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìbéèrè ló ń yí i padà.

Bọ̀dá Ọláìyá, 60 yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Inú iṣan ọkàn ni ohun tí ń lé sódíọ̀mù jáde tó sì ń fa pòtásíọ̀mù wọlé wà. Dígóksíìnì àti pòtásíọ̀mù ń du ìjókòó kan náà níbẹ̀. Lásìkísì ń gbé pòtásíọ̀mù jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Bí pòtásíọ̀mù bá ti dín kù sí 2.9, nígbà tó yẹ kó tó 3.5 ó kéré tán, ìjókòó ṣófo, dígóksíìnì á gbà á. Oògùn kan náà tí bàbá ti ń lò láìsí wàhálà á wá di èyí tó pọ̀jù fún ọkàn rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kẹ́ ìdẹkùn kan síbẹ̀: wọ́n á ní iye dígóksíìnì inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 1.4, ìwé rẹ sì sọ pé 0.5 sí 2 dára, ìwọ á wá fún un. Má fún un. Nígbà tí pòtásíọ̀mù bá lọ sílẹ̀, nọ́ńbà tó dára lórí ìwé lè wà pẹ̀lú ọkàn tó ti ń dàrú.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ọkọ mi náà ń lo Lásìkísì pẹ̀lú lisinopírílì, ikọ́ gbígbẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Ṣé kí n dá Lásìkísì yẹn dúró kí wọ́n má baà dà bíi bàbá yìí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àsùbíàrò

Rárá o, Ìyá Ìbejì, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ti bàbá yìí yàtọ̀, dígóksíìnì ló dá ewu sílẹ̀ níbẹ̀. Lisinopírílì ló sábà máa ń fa irú ikọ́ gbígbẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tí kò lágbára náà lè fa ikọ́, ẹ mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn láìpẹ́. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ń wú tàbí tí wọn kò lè mí dáadáa bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, òní ni kí ẹ lọ. Ẹ má sì ra oògùn pòtásíọ̀mù fún wọn, lisinopírílì máa ń mú pòtásíọ̀mù gòkè.

Bọ̀dá Ọláìyá

Mo gbà fún yín, Ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ E ńkọ́? Pòtásíọ̀mù ló ṣáà fẹ́ dá padà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àsùbíàrò

Ohun tó yẹ kó padà ni, ọ̀nà tí E gbà ló ń pa ènìyàn. Pòtásíọ̀mù tí a kò pò, tí a fi sírínjì tì sínú iṣan, lè dá ọkàn dúró lójú ẹsẹ̀. Dókítà ló máa kọ ọ́, inú àpò omi ni yóò wà tí a ti yí pò dáadáa, lórí wọ́ọ̀dù kì í sì í sábà ju mílímọ́ọ̀lù 10 lọ ní wákàtí kan. A ó kọ́kọ́ rí i pé aláìsàn ń tọ̀. Bí o bá rí pòtásíọ̀mù àti sírínjì nínú ìdáhùn kan, fà á pa kí o tó ka ìyókù.

Ìdáhùn A náà ń pa èébì mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Èébì níbí kì í ṣe ti oúnjẹ, òun ni ara fi ń pariwo pé dígóksíìnì ti pọ̀jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbònà

Ó ti ń yé mi. Bí ọkàn bá ń lù ní 64 ńkọ́, tí èébì àti àwọ̀ òféèfèé yẹn ṣì wà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àsùbíàrò

Dá a dúró síbẹ̀. Dígóksíìnì tó pọ̀jù lè mú ọkàn sáré tàbí kó máa fo, kì í ṣe kó falẹ̀ nìkan. Bí dókítà bá ní kí wọ́n yẹ iye oògùn inú ẹ̀jẹ̀ wò, rántí pé ó kéré tán wákàtí 6 gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí ó lo èyí tó lò kẹ́yìn. Dídá ẹyọ kan dúró kò sì parí ọ̀rọ̀: ó lè gba nǹkan bí wákàtí 36 sí 48 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dára, ti àgbàlagbà sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Ọláìyá

Ní 64, èmi ṣì rò pé olùdánwò tó ń fẹ́ nọ́ńbà lè ní kí a fún un. Àti Lásìkísì òwúrọ̀ yẹn, ṣé òun náà máa dúró ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àsùbíàrò

Lórí 64, èmi ò ní fún un, ohun yòówù tí olùdánwò bá rò. Ti Lásìkísì, mi ò lè fi ẹnu kan sọ ọ́. Bí bàbá bá ń mí bí ẹni tó ń rì sómi, ó ṣì nílò rẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá mọ́, pòtásíọ̀mù 2.9 kò jẹ́ kí n fẹ́ tún fún un. Ìpè kan náà tí a pe dókítà ni a ó fi bi í.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbònà

Ẹ ṣeun gan-an. Nígbà tí mo bá pe dókítà, 52, 2.9, àwọ̀ òféèfèé, èébì àti oúnjẹ tí kò wù ú láti ọjọ́ méjì ni máa sọ kí n tó mẹ́nu kan nǹkan mìíràn, àbí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àsùbíàrò

Bẹ́ẹ̀ ni. Kí o fi àkókò tó lo dígóksíìnì kẹ́yìn kún un, kí o sì kọ gbogbo rẹ̀ sí ṣáàtì pẹ̀lú ìdí tí o kò fi fún un.