Kí la ó pe títún ètò kọ láti Java sí Python láìyí ìṣesí rẹ̀ padà?

Akọ̀wé Ọ̀wọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Mo ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà lédè Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà. Mo dé orí ibi tí a ti ń gbé ètò tí wọ́n fi Java kọ wá sí Python, tí ohun tó ń ṣe kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ rárá. "Ìtumọ̀ ètò" ni mo kọ, olóòtú mi ní kò tọ́. Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ?

Ìyá Ẹniọlá: Ó tọ́ lójú tèmi, ọmọ mi. Ìwé ètò ìlera ni mò ń tumọ̀ láti ọdún gbọọrọ wá. Java èdè ni, Python náà èdè ni. Kí lèyí bí kò bá jẹ́ ìtumọ̀? Ohun tí mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jà lé lórí ni kí gbólóhùn wọn má ṣe dún bí èdè tó ti wá. Bí Python yín bá ṣì ń dún bíi Java, iṣẹ́ kò tíì parí nìyẹn.

Alákọsílẹ̀: Ẹ ṣeun, Mà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti pínyà. Nínú iṣẹ́ tiyín, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dùn létí onílé. Nínú èyí, èsì ló gbọ́dọ̀ bára mu, nọ́ńbà fún nọ́ńbà, bó dùn bí kò dùn. Àmì tó sì rí bákan náà nínú èdè méjèèjì lè máa ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ká ní ètò Java kan ń pín fáìlì àwọn ìlú sínú àpótí mẹ́wàá, láti 0 dé 9:

```java
int apoti = Math.abs(ilu.hashCode() % 10);
```

Òdo ni `hashCode` ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, á fi 31 sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di púpọ̀, á sì fi nọ́ńbà lẹ́tà náà kún un. Ẹni tó bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ á kọ ọ́ báyìí ní Python:

```python
h = 0
for c in ilu:
    h = h * 31 + ord(c)
apoti = abs(h % 10)
```

Ẹ fi `Lagos` dán an wò. Èdè méjèèjì mú 73179862 jáde, àpótí 2 ló bọ́ sí. Ẹ wá fi `Ibadan` dán an wò. Títí dé lẹ́tà karùn-ún, 70432965 ni wọ́n jọ wà. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ló tú wọn ká. Python ní 2183422025. Ṣùgbọ́n `int` Java kì í gbà ju 2147483647 lọ. Bó bá ti kọjá ibẹ̀ báyìí, 4294967296 á yọ kúrò lára rẹ̀, á wá ku -2111545271. Àpótí 1 ni Java kó fáìlì Ìbàdàn sí. Python ń wá a lọ sí àpótí 5.

Bí a bá ti dín nọ́ńbà Python kù kó bá ti Java dọ́gba, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Bí a bá fi 10 pín -2111545271, Java ní ìyókù jẹ́ -1, torí àmì nọ́ńbà tí à ń pín ló ń tẹ̀lé. Python ní 9, torí àmì nọ́ńbà tí a fi ń pín ni tirẹ̀ ń tẹ̀lé. `abs` á sọ -1 di 1, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó fẹ́ fi 9 ṣe. Ìlú kan ṣoṣo, àpótí mẹ́ta! Bí a bá fi èyí rọ́pò ìlà tó kẹ́yìn nínú ti àkọ́kọ́, á bá ti Java mu:

```python
h = h & 0xFFFFFFFF
if h >= 0x80000000:
    h -= 0x100000000
apoti = abs(h) % 10
```

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "àtúnkọ aláìyẹ̀". A tún un kọ, kò sì yẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ọmọ Ìlọrin: Ẹ̀gbọ́n, àmì ohùn wa ni yóò kọ́kọ́ da ètò yẹn rú. Bí èèyàn bá tẹ `Ìbàdàn` tàbí `Ọ̀yọ́`, iye lẹ́tà tí Java máa kà yàtọ̀ sí ti Python. Àti pé, bí Python kò bá ní ààlà, ṣebí òun ló dára jù? Kí ló dé tí a tún fẹ́ há a mọ́?

Alákọsílẹ̀: Ti àmì ohùn, rárá, àbúrò. `ọ́` jẹ́ méjì nínú Java, méjì náà ló jẹ́ nínú Python. Òótọ́ ni pé `à` tí wọ́n tẹ̀ ní ẹyọ kan àti èyí tí wọ́n tẹ̀ ní `a` kí wọ́n tó fi àmì lé e kì í mú nọ́ńbà kan náà jáde, àmọ́ bákan náà ló rí nínú èdè méjèèjì. Àwọn àwòrán ojú tí à ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù ni wọ́n ti yapa: `😀` jẹ́ méjì lójú Java, ọ̀kan lójú Python.

Ti ààlà, ẹ rántí pé fáìlì ti wà nínú àpótí 1 kí Python tó dé. Ẹni tó bá lọ ṣí àpótí 5 kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, ètò kò sì ní pariwo pé nǹkan bàjẹ́. Ẹ kó orúkọ kan náà fún ètò méjèèjì, kí ẹ fi èsì wọn wéra ní ìlà-ìlà. Ẹ má fi orúkọ kúkúrú nìkan dán an wò o, torí orúkọ tí kò ní àmì, tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, kò lè kọjá ààlà yẹn láé.

Ọmọ Kétu: Ọ̀rọ̀ wo la ó wá lò fún nọ́ńbà tó kọjá ààlà yẹn? Mo rí i tí àwọn kan kọ "àkúnwọ́sílẹ̀". Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nọ́ńbà tó kúrò ní 2147483647 tó bọ́ sí -2147483648, ó yípo ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àyípo".

Ìyá Ẹniọlá: Àkúnwọ́sílẹ̀ yé mi ju àyípo lọ. Ṣé 4294967296 tí ẹ ní ó yọ kúrò yẹn kò dà nù ni? Ohun tó ṣẹ́ kù sínú igbá là ń kà.

Ọmọ Kétu: Ó dà nù lóòótọ́, Mà. Àmọ́ ẹni tó ń wo ojú ẹ̀rọ kò rí ohun tó dà nù. Nọ́ńbà tó ṣàdédé di òdì ló rí. Ohun tó rí ni mo fẹ́ kí ó lórúkọ.

Ọmọ Ìlọrin: Bí ètò àtijọ́ bá ní àléébù ńkọ́? Ṣé aláìyẹ̀ ni kí a ṣe é pẹ̀lú àléébù rẹ̀?

Alákọsílẹ̀: Ìbéèrè tó le nìyẹn. Ká ní ẹni tó kọ ti Java kọ́kọ́ fi `Math.abs` sọ nọ́ńbà di rere kó tó pín in:

```java
int apoti = Math.abs(ilu.hashCode()) % 10;
```

`polygenelubricants` máa ń mú -2147483648 gan-an jáde. Nọ́ńbà yẹn kò ní ìkejì tó jẹ́ rere nínú `int`, nítorí náà òdì náà ni `Math.abs` á dá padà. Àpótí -8 ni ètò á máa wá, á sì dákú. Kóòdù Python tí mo kọ sókè á kó o sí àpótí 8 ní tirẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní tèmi, kí ti Python náà dákú níbẹ̀. Ọjọ́ mìíràn ni kí a tún àléébù ṣe, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a tún un ṣe. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò gbà pẹ̀lú mi.

Ìyá Ẹniọlá: Èmi náà kò gbà. Bí mo bá rí àṣìṣe nínú ìwé tí mò ń tumọ̀, mo máa ń kọ̀wé sí ẹni tó ni ín kí n tó ṣe ohunkóhun. Ẹ bi ẹni tó ni ètò.

Akọ̀wé Ọ̀wọ̀: Ẹ ṣeun púpọ̀. "Àtúnkọ aláìyẹ̀" ni màá fi ṣe àkọlé orí yẹn. Àkúnwọ́sílẹ̀ àti àyípo, màá kọ méjèèjì títí ẹ ó fi fẹnu kò. Ó ku ìyókù: ṣé "ìyókù Java" àti "ìyókù Python" ni kí n máa pè wọ́n, àbí ẹnìkan ní orúkọ tó máa sọ àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀lé?