Ìyàwó bàbá, igbá pupa àti ogún: kí ló dé tí fíìmù wa ò kúrò níbẹ̀? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Bẹẹrẹ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ bàbá mi ní Bẹẹrẹ níbí, ẹ bá wa ṣe àmín. Àlejò ò tíì kó kúlà tán tí wọ́n fi kó wa sí páálọ̀, àwa ọmọ ìyáálé jókòó sápá kan, àwọn ọmọ màmá kékeré jókòó sí ìkejì, ọmọ kan ṣoṣo tí màmá àárín bí kí wọ́n tó kú dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ni àǹtí kan tó wá láti Ọ̀jẹ́ bá bú sẹ́kún pé ikú bàbá yìí kì í ṣojú lásán, kí màmá kékeré wá ṣàlàyé. Mo ní ẹ gbà mí, àbí inú fíìmù ni mo wà ni? Torí mo ti rí páálọ̀ yìí àìmọye ìgbà, pẹ̀lú ìwé ilé tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìbéèrè mi rèé: kí ló dé tí àwọn onífíìmù wa ò lè kúrò lórí oògùn abúlé, ìjà ogún àti ìyàwó bàbá tó burú? Ẹni tó bá ti bá a pàdé, yálà lóko eré tàbí nílé, kó sọ tiẹ̀.

Àdìó Mọ́kọ́lá: Owó ni jàre. Àwọn Ìgbò ló kó o dé. 1992 tí Living in Bondage jáde, tí ọkùnrin yẹn fi ìyàwó ẹ̀ ṣoògùn owó, ó tà bí ẹní ta àkàrà, látìgbà yẹn ni tiwa náà ti yà síbẹ̀. Bọ̀dá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò ní Mọ́kọ́lá, èmi ni mo ń jókòó ti káńtà tí mo bá ti iléèwé dé, kásẹ́ẹ̀tì tí igbá àti aṣọ pupa bá wà lára páálí ẹ̀ kì í sun ibẹ̀ mọ́jú.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì: Àdìó, o gba apá kan, o fi apá kan sílẹ̀. Kenneth Nnebue tó náwó sí èyí tí o pè yẹn, fíìmù Yorùbá ló kọ́kọ́ ń náwó sí, ọ̀kan nínú ẹ̀ jáde ní 1989, Àjẹ́ Ni Ìyá Mi lorúkọ ẹ̀, gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Kó tó dìgbà yẹn Ògúǹdé ti gbé Ayé jáde ní 1979, àjẹ́ ló kúnnú ẹ̀. Àwọn onítíátà tó ń gbé eré kiri ìlú, àwọn náà ló di onífíìmù, ọfọ̀ ti wà lẹ́nu wọn látìgbà tí wọ́n ti ń jó lórí ìtàgé. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yẹn, dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, wọn ò rówó ra fíìmù gidi tí wọ́n ń fi sìnímà ṣe mọ́, ni wọ́n bá kó gbogbo ẹrù wọn, ọfọ̀ àti igbá, bọ́ sórí fídíò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní 2003 mo kọ ìtàn nọ́ọ̀sì kan n'Íbàdàn níbí tí owó oṣù ẹ̀ ò wọlé fún oṣù méje, mo gbé e lọ bá máàkẹ́tà kan ní Ìdúmọ̀tà. Kò ka ju ojú ewé méjì lọ. Ó ní, "Bàbá, ọ̀tá obìnrin yìí dà?" Mo ní àìsówó ni ọ̀tá ẹ̀. Ó ní àìsówó ò ní ojú tí èèyàn lè yà sára páálí. Pé kí n lọ wá ìyáálé sí i, kí n wá bàbá kan sábúlé, kí n sì jẹ́ kí nǹkan gbóná níparí apá kìíní kí wọ́n lè ra apá kejì. Mo ṣe é. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ò mọ bó ṣe rọrùn tó. Ìran tí mọ́tò méjì máa fi gbára, a ò lówó ẹ̀. Ìran oògùn, aṣọ pupa yáàdì mẹ́rin láti Gbági, ìkòkò kan, adìẹ kan, agboolé tí wọ́n yá wa fún ọjọ́ méjì lọ́nà Àkànrán. Kí obìnrin tó di adìẹ, a ní kí gbogbo èèyàn dúró gbagidi, oníkámẹ́rà á pa kámẹ́rà láì mi ẹsẹ̀ mẹ́ta ẹ̀, obìnrin á bọ́ síta, a ó gbé adìẹ síbẹ̀, a tún tan kámẹ́rà. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn láàárín yẹn, ó bàjẹ́ nìyẹn, ilẹ̀ á ṣàdédé ṣú nínú fíìmù, ẹni tó ń wò á mọ̀ pé a gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é kó tó bọ́ sí i, adìẹ yẹn sì ti ń wá ọ̀nà ilé.

Ohun kan tún wà téèyàn kì í kà sí. Fíìmù ọlọ́pàá nílò ẹ̀rí, ẹni tó máa wádìí, tó máa bi èyí, tó máa bi tọ̀hún. Tiwa, obìnrin yẹn á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo ohun tó ti ta kókó láti apá kìíní ti tú.

Ìyá Ìbejì Apátá: Ẹ dákun, ta ló ní gbogbo ìyàwó bàbá ló burú? Èmi gan-an ìyàwó bàbá ni mí o, ẹ má fi ẹnu yín kó bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo bá nílé ọkọ mi, ìyá ẹ̀ wà láàyè l'Ábẹ́òkúta. Ọjọ́ kẹta tí mo dé mo se ẹ̀wà, mo dín dòdò, mo bù ú sínú abọ́ tiẹ̀ tó ní àwòrán olóńgbò, ó gbé e jáde. Mo yọjú lójú fèrèsé ìdáná, mo rí i tó ń fi síbí da ẹ̀wà sí gọ́tà díẹ̀díẹ̀, ó wá kó dòdò sápò ṣòkòtò. Mo pè é, mo bi í. Ó ní nínú fíìmù tí òun àti ìyá àgbà wò, inú ẹ̀wà ni wọ́n fi í sí, wọn ò fi sínú dòdò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín nìkan kọ́ ló mú omi yẹn wá. Ó tó oṣù mẹ́rin kí èmi àti ẹ̀ tó jọ jẹun.

Ọmọ Bẹẹrẹ: Àǹtí, ẹ má bínú mà, kò sẹ́ni tó bú yín, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é lásíkò gbogbo ni mo bèèrè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ dòdò yẹn wọ̀ mí lára.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù: Ọdún 19 ni mo fi kọ̀wé ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ kan n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Bẹẹrẹ, yàrá mélòó ni ilé bàbá yín? Ìyàwó mélòó ló bímọ fún wọn?

Ọmọ Bẹẹrẹ: Yàrá 12 sà. Màmá tèmi bí mẹ́fà, màmá àárín bí ẹyọ kan, màmá kékeré bí márùn-ún.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pín in. Bó bá jẹ́ ìdí igi, ìyàwó tó bímọ lẹ ó kà, ẹ ò ní ka ọmọ. Ìdí mẹ́ta ni, yàrá mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀yin mẹ́fà ẹ ó há ara yín mọ́ yàrá mẹ́rin, ẹni tó dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn á nìkan gba mẹ́rin. Bó bá jẹ́ orí ò jorí, ọmọ 12, yàrá 12, kálukú gba ọ̀kan.

Ẹ wá fojú ẹni tó ń kọ ìtàn fíìmù wò ó. Ká ní ẹni ẹnu ọ̀nà yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, kú kí wọ́n tó pín in, tí ò bímọ. Ìdí kan ti pa rẹ́ nìyẹn. Ìdí méjì ló kù, yàrá mẹ́fà mẹ́fà, kálukú yín ti ní yàrá tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí ò jorí, yàrá kan péré ni ikú ẹ̀ máa fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin 11. Ìdí nìyẹn tí ọmọ òrukàn inú fíìmù kì í fi í ní ẹ̀gbọ́n, kì í ní àbúrò. Tó bá ní mẹ́rin lẹ́yìn, kò sí èrè nínú pé ẹnì kan fi nǹkan sí oúnjẹ ẹ̀. Ìyàwó fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Lábẹ́ àṣà wa kì í jogún ọkọ ẹ̀, ọmọ tó bí ló fi ń dúró nínú ilé. Àwọn tó ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù lọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Obìnrin tí ẹ ń rí tó ń gba ọ̀nà oko babaláwo lóru yẹn, ó ti ṣírò yàrá tán nílé.

Adúróṣánṣán: Bàbá, ẹ̀yin ń ṣírò yàrá, èmi ò gbà. Lábúlé wa lọ́nà Mọ́níyà wọ́n lé opó kan jáde nílé torí ọmọ orogún ẹ̀ kú, ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni pé ẹyẹ kan bà sórí òrùlé lóru. Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ bí kò ṣe nínú fíìmù? Àwọn onífíìmù yẹn ló ń dáná sílé onílé.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì: Àbúrò, wọ́n ti ń fi ẹyẹ lé opó kúrò nílé kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe fídíò. Ta ló wá ń gbénú yàrá opó yẹn báyìí?

Adúróṣánṣán: Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n gbà fún yín.

Sẹ́kínátù Ọjàaba: Ẹ ti gbàgbé pé mùsùlùmí ni bàbá tó kú, fìdáù ló sọ. Nígbà tí tiwa ṣẹlẹ̀, álífà ní gbogbo ìyàwó máa pín ìdá kan nínú mẹ́jọ, kí ọkùnrin gba ìlọ́po méjì obìnrin. Bọ̀dá àgbà ní ìdí igi, àwa ọ̀pọ̀ ọmọ ní orí ò jorí. Ọ̀nà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kálukú di èyí tó gbè é mú. Ọdún kẹfà rèé, ilé yẹn ò tíì pín, òjò ti wó ẹ̀yìn ẹ̀.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù: Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ mà. Ẹjọ́ kan wáyé l'Ékòó, ọkùnrin kan kú, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí ò jorí, àwọn tó tẹ̀ lé e yí i dà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ọba òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Wọ́n ní ìdí igi ni àṣà, àmọ́ tí ìjà bá wà lórí bí wọ́n ṣe máa pín in, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n fi orí ò jorí pín in. Ẹ gbọ́ ọ o, ìjà ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Nínú ẹjọ́ tí mo bá wọn kọ, ìdí tọ́mọ pọ̀ sí ló sábà máa ń kọ́kọ́ pariwo.

Ọmọ Bẹẹrẹ: Sà… àǹtí tó wá láti Ọ̀jẹ́ tó bú sẹ́kún yẹn, àbúrò màmá mi ni. Ìdí tiwa la ní ọmọ mẹ́fà.

Àdìó Mọ́kọ́lá: Háà.

Ọmọ Bẹẹrẹ: Wọ́n ti sún ìpàdé sí Sátidé tó ń bọ̀. Láàárọ̀ yìí màmá mi ro àmàlà, wọ́n bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún ọmọ màmá àárín nínú yàrá ẹ̀, torí kò tíì jẹun látàná. Mo kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Ó wo abọ́ yẹn, ó wo mí, ó ní òun ti yó.