Faìnì kóòtù tí bánkírọ́pùsì ò pa rẹ́ (àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ní Ìlú Ọba)

Adé Ìjòkà: Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ gbà mí. Máàṣì 2024 ni mo wọ bánkírọ́pùsì torí mi ò lè san gbèsè mi mọ́, Máàṣì 2025 wọ́n tú mi sílẹ̀ nínú ẹ̀. Kírẹ́díìtì káàdì £11,400, lóònù báǹkì £7,000, kánsù táàsì £1,650, gbogbo ẹ̀ lọ. Àfi lánàá tí lẹ́tà dé pé wọ́n fẹ́ máa yọ £780 díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi, faìnì tí kóòtù bù fún mi torí mo wa mọ́tò láìní inṣọ́ránsì. Ṣé kò yẹ kí ìyẹn náà ti lọ ni?

Kọ́lá Ọba-Ilé: Bọ̀dá, ọdún kan ti pé, ẹ ti bọ́ pátápátá. Ẹ lè lọ gba mọ́gẹ́ẹ̀jì báyìí.

Àǹtí Bùnmi: Kọ́lá, òótọ́ ni pé ọdún kan ni wọ́n fi ń túni sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo gbèsè ló ń bá a lọ. Adé, faìnì kóòtù ò lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìtọ́jú ọmọ, sítúdẹ́ǹtì lóònù, àti gbèsè tí èèyàn fi jìbìtì jẹ. Má sá fún lẹ́tà yẹn o, àbúrò mi, kọ̀wé sí wọn kíákíá, ṣàlàyé owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín iye tí wọ́n ń yọ lóṣù kù.

Ti yíyá owó, láàárín ọdún kan yẹn tó o bá fẹ́ yá £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kó o sọ fún ẹni tó fẹ́ yá ẹ pé o wà nínú bánkírọ́pùsì, ẹ̀ṣẹ̀ ni tó o bá dákẹ́. Òfin yẹn ti kúrò lọ́rùn ẹ báyìí, àmọ́ àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì ẹ á ṣì máa fi í hàn títí di Máàṣì 2030, ọdún mẹ́fà látọjọ́ tó o wọlé. Báǹkì míì tiẹ̀ máa ń bi èèyàn léèrè bóyá ó ti wọ̀ ọ́ rí láyé ẹ̀, má purọ́ fún wọn. Lọ wo Experian, Equifax àti TransUnion, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì, wo déètì tí wọ́n kọ sí ìdí gbèsè kọ̀ọ̀kan pé o kùnà láti san án.

Ìyá Tìmí: Ẹ jọ̀ọ́ o, èmi jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Alágbàka lówó, bùrọ̀dá mi ló dúró fún mi. Tí mo bá wọ bánkírọ́pùsì níbí, ṣé wọ́n á fi bùrọ̀dá mi sílẹ̀?

Àǹtí Bùnmi: Rárá mà. Ẹni tó dúró fún yín, ọrùn ẹ̀ ni gbèsè á já lé, níbí gan-an bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbèsè náà sínú fọ́ọ̀mù o, ilé tàbí ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní l'Ákùúrẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Adé Ìjòkà: Àǹtí, mo ti wò ó. Báǹkì kọ Máàṣì 2024, àwọn oníkáàdì kọ Sẹ̀tẹ́ńbà 2024.

Àǹtí Bùnmi: Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Déètì yẹn ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ tó o wọ bánkírọ́pùsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ káàdì yẹn á wà lórí ẹ títí di Sẹ̀tẹ́ńbà 2030, oṣù mẹ́fà ọ̀fẹ́ nìyẹn. Fi ìwé bánkírọ́pùsì ẹ ránṣẹ́ sí wọn, ní kí wọ́n yí déètì padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé kò sí gbèsè kankan níbẹ̀ mọ́.

Ìyá Tìmí: Àǹtí, ṣé kí n kọ́kọ́ yára san ti bùrọ̀dá mi ná?

Àǹtí Bùnmi: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀! Tẹ́ ẹ bá yan ẹbí san, tẹ́ ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n lè gba owó yẹn padà. Ẹ pè mí lálẹ́ òní.