Báwo ni mo ṣe lè túmọ̀ àkọlé ère orí Ifẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Nígbà tí èmi àti ọmọbìnrin mi lọ sí Mùsíọ́mù Brítíṣì ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ya fọ́tò àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, mo sì fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá tí yóò yé e.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rọ ọ́ ló ṣòro jù. Bí mo bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, «ìda tó sọnù» ni mo máa kọ, ọmọ náà á sì rò pé ẹnì kan ń wá a. Mo wá kọ ọ́ báyìí: «Wọ́n fi amọ̀ mọ orí, wọ́n fi ìda bò ó, wọ́n sì fín ojú àti imú sára ìda náà. Wọ́n tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n gbé e síná títí ìda fi yọ́ dànù, wọ́n sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Nígbà tó tutù, wọ́n fọ́ amọ̀ ìta.» Orúkọ kúkúrú wo ni ẹ lè fún iṣẹ́ yìí?

Mo fi «ó ti lé ní 600 ọdún» rọ́pò «ọ̀rúndún kẹrìnlá», nítorí ọmọ náà rò pé ọdún 1400 ni ọ̀rúndún náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò sì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ọọ̀ni ni orí náà dúró fún. Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí «ó ṣeé ṣe» yìí dúró nínú àkọlé náà láìda ọmọ náà lọ́kàn rú?